Lẹ́tà Sí Òbí Ọmọ Tó Ń Lu Àwọn Ẹgbẹ́ Rẹ̀: Bí A Ṣe Kọ Ọ́, Àti Ohun Tó Tẹ̀yìn Rẹ̀ Yọ

Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Mo ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àkọsílẹ̀ yìí, mo sì fi "ọmọ wa" rọ́pò rẹ̀, nítorí bí mo ṣe ń pè é náà nìyẹn tí mo bá ń bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tó gbé e wá sínú ìwé mi ni pé ó ń lu àwọn ọmọ yòókù. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ti dé ibi tí àwọn ọmọ ń sún sẹ́yìn tó bá ń bọ̀, ìyá ọmọ kan sì ti dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà láti béèrè ẹni tó ń lu ọmọ òun.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tó lu ọmọ mẹ́ta kí a tó jẹun, mo jókòó lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti lọ, mo sì kọ lẹ́tà yìí sí àwọn òbí rẹ̀:

"Ọmọ yín kò yé lu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà ló ń bá wọn jà láìnídìí. Ó ti di oníjàgídíjàgan nínú kíláàsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé."

Ọpẹ́ ni pé àwa tíṣà kì í fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ọ̀gá wa kà á. Ọ̀gá kà á, ó dá a padà fún mi, ó ní, "Sùn lé e lórí." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí mo tún un kà, mo rí i pé nínú gbólóhùn mẹ́rin, kò sí ọ̀kan tó máa ran ọmọ náà lọ́wọ́, kò sì sí ọ̀kan tí mo lè fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀.

"Kò yé" àti "gbogbo ìgbà" kì í ṣe òtítọ́. Ọ̀pọ̀ wákàtí ló fi ń jókòó jẹ́ẹ́ lójoojúmọ́. "Láìnídìí" wulẹ̀ túmọ̀ sí pé èmi ni mi ò mọ ìdí rẹ̀. "Ń bá wọn jà" tún ṣini lọ́nà, torí èèyàn méjì ló ń jà, òun nìkan ló sì ń nawọ́. Orúkọ ni "oníjàgídíjàgan," kì í ṣe ìròyìn. Tí bàbá bá ka orúkọ tí wọ́n fi pe ọmọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò ní sí lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́. Ṣe ni yóò máa gbèjà ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ orúkọ yẹn.

Ti "ẹ̀kọ́ ilé" ló wá burú jù. Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló mọ̀ pé tí wọ́n bá ní ọmọ kan kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ìyá àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n bú. Kò sí bí a ṣe lè fi "ẹ jọ̀ọ́" ṣáájú rẹ̀ kó má dunni. Mo tún mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bí nílé: ẹgba. Òbí tí wọ́n dójú tì máa ń fẹ́ fi hàn pé òun kò fọwọ́ lẹ́rán. Ọmọ tí mo ń wá bí kò ṣe ní fọwọ́ luni mọ́ yóò wá jẹ lílù nítorí ìwé tí mo kọ.

Mo ya lẹ́tà náà. Mo sì pinnu pé mi ò ní kọ òmíràn títí màá fi ní nǹkan gidi láti sọ.

Ọjọ́ mẹ́wàá ilé ìwé ni mo fi ṣọ́ ọ, mo sì ń kọ ohun tí mo rí sílẹ̀. Òpó mẹ́ta péré ni mo fà sórí bébà: kí ló ṣáájú, kí ló ṣe, kí ló tẹ̀lé e. Mo fi aago kún un. Òfin tí mo fi de ara mi ni pé ohun tí kámẹ́rà lè yà nìkan ni mo gbọ́dọ̀ kọ. Mi ò gbọ́dọ̀ kọ "inú bí i," torí kámẹ́rà kò lè ya inú. Mo lè kọ pé "ó pa ojú dé, ó di ọwọ́." Ìwé náà máa ń wà lápò mi, nítorí tí n bá ní ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó kọ ọ́, ìtàn ni màá kọ, kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn, bí mo ṣe kọ ọ́. Aago 11:40. Ohun tó ṣáájú: mo ní kí wọ́n kó àwọn búlọ́ọ̀kù onígi jọ. Ọmọ wa kò gbójú sókè, ó ṣì ń to tirẹ̀. Ọmọbìnrin kan dé láti ẹ̀yìn rẹ̀ lápá òsì, ó mú búlọ́ọ̀kù kan ní ìsàlẹ̀, ilé tó ń kọ́ wó. Ohun tó ṣe: ó ta gìrì, ó yí padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọmọbìnrin náà ní èjìká lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó tẹ̀lé e: mo fà á lọ sórí àga kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Àwọn yòókù tò lọ fọ ọwọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì padà sídìí búlọ́ọ̀kù rẹ̀.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo tún kà lẹ́ẹ̀mẹta. Àga tí mo pè ní ìyà ló ń gbà á kúrò láàárín èrò, tó sì ń fún un láyè láti parí ohun tí wọ́n dá dúró mọ́ ọn lọ́wọ́. Tí ẹnì kan bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi lójoojúmọ́, màá máa ṣe ohun tó ń gbé mi débẹ̀. Kò jẹ́ pé ọmọ náà jókòó gbìmọ̀ rẹ̀ o. Ara rẹ̀ kàn ti mọ̀ pé tí òun bá ti nawọ́, ibẹ̀ máa rọ̀ wọ̀ọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá pé, mo ka gbogbo rẹ̀. Ìgbà 11 ló lu ọmọ mìíràn. Mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ jẹ́ ìgbà tí à ń kó ohun ìṣeré jọ tàbí tí à ń tò láti fọ ọwọ́. Méjì tó kù wáyé níta, lórí pápá. Nínú mẹ́jọ nínú 11 náà, ẹni tó lù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Kò lu ẹnikẹ́ni rí ní àkókò ìtàn àárọ̀, níbi tí gbogbo wọn ti ń jókòó ká mi lórí ẹní, tí orúnkún òun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ náà láìmọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ó wá ku lẹ́tà. Ẹ̀kejì tí mo kọ tún bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó gba apá kejì bàjẹ́. Ẹ̀rù pé kí n má bà wọ́n nínú jẹ́ mú mi kọ pé "ọmọ wa máa ń fọwọ́ ṣeré díẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé lílù ni àbí eré? Tó bá jẹ́ eré, kí lo ń kọ lẹ́tà sí?" Òótọ́ ni. Tí òbí bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á fi sápò, á sì gbàgbé. Lóṣù tó ń bọ̀, tí ọ̀rọ̀ bá le, á béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ fún òun, ẹjọ́ rẹ̀ á sì tọ́. Kí a má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi kò ní ká fi ọ̀rọ̀ pamọ́. "Lù" ni Yorùbá ń pè é, "lù" náà ló sì gbọ́dọ̀ wà nínú lẹ́tà.

Mo tún yọ gbólóhùn tí àwa tíṣà fẹ́ràn láti fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn "Ó dùn wá láti fi tó yín létí pé." Ìròyìn òkú ni wọ́n fi máa ń kọ bẹ́ẹ̀. Àyà ìyá á ti já kó tó dé ìlà kejì, kò sì sẹ́ni tó ń ka nǹkan yé nígbà tí àyà rẹ̀ ń já.

Ohun tó lọ nìyí:

"Ẹ̀yin bàbá àti ìyá ọmọ wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo kọ̀wé yìí láti sọ ohun kan tí mo ń rí ní kíláàsì fún yín, kí n sì béèrè ohun tí ẹ̀yin náà ń rí nílé.

Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tí a fi wá sílé ìwé, ọmọ wa lu ọmọ mìíràn ní ìgbà 11. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi lù wọ́n, ní èjìká tàbí ní ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ìgbà mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ jẹ́ àkókò tí à ń kó ohun ìṣeré jọ tàbí tí à ń tò láti fọ ọwọ́, tí ibẹ̀ há, tí ariwo sì pọ̀. Kò ṣẹlẹ̀ rí ní àkókò ìtàn àárọ̀. Ibẹ̀ ló ti máa ń fọkàn sí ọ̀rọ̀ jù, òun ló sì máa ń rántí ibi tí a bá ìtàn dé lánàá.

Mi ò tíì mọ ohun tó ń fà á. Láti ọ̀la, màá máa jẹ́ kó mọ̀ ṣáájú pé eré fẹ́ parí, màá sì máa jẹ́ kó tò síbi tí èrò kò ti ní há mọ́ ọn.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè: Ṣé ẹ ti rí irú èyí nílé, àgàgà níbi tí èèyàn bá pọ̀? Ṣé nǹkan kan ti yí padà láìpẹ́ yìí nínú oorun rẹ̀, ìlera rẹ̀, bó ṣe ń ríran tàbí bó ṣe ń gbọ́rọ̀? Tí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí lẹ máa ń ṣe tó fi ń balẹ̀?

Gbogbo ìgbà tó ṣẹlẹ̀ la bá a sọ̀rọ̀, a sì parí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò kọ lẹ́tà yìí kí ẹ lè tún fi ìyà jẹ ẹ́ nílé. Ohun tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ ni mo ń wá.

Mo wà ní kíláàsì lọ́jọ́rú àti lọ́jọ́bọ̀, láti aago méjì sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Tí kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ pè mí, ká jọ mú àkókò mìíràn.

Èmi ni, tíṣà rẹ̀."

Àwọn ohun kan wà níbẹ̀ tí mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Mi ò dárúkọ ọmọ kankan tó lù. Tí orúkọ bá ti wọ̀ ọ́, àwọn òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, ọ̀rọ̀ á sì kúrò lọ́rùn ọmọ bọ́ sáàárín àgbà. Àwọn òbí ọmọ tó jẹ lílù gba ìwé tiwọn lọ́tọ̀, ìyẹn náà kò sì dárúkọ ẹni tó lu ọmọ wọn. Ohun rere tí mo sọ nípa ọmọ wa kì í ṣe ìpọ́nni tí a fi ń tan èèyàn jẹ oògùn kíkorò. Ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀: ó ń sọ ìgbà tí lílù kì í wáyé, ìyẹn sì wúlò tó ìgbà tó ń wáyé. Mi ò sì sọ pé mo mọ àìsàn tàbí ìdààmú tó wà lára rẹ̀. Tíṣà ni mí, èmi kì í ṣe dókítà.

Inú àpòòwé tí mo lẹ̀ pa ni mo fi lẹ́tà náà sí, kì í ṣe inú ìwé iṣẹ́ àmúrelé tí ẹ̀gbọ́n tàbí aládùúgbò lè ṣí. Mi ò sì sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbi tí òbí mẹ́fà ti ń fetí kọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fi rán an. Tí mo bá fi rán an lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n máa fi jókòó tì í láìrí ẹni tí wọ́n lè bi léèrè, ọ̀rọ̀ á sì ti wú kó tó di ọjọ́ Ajé.

Bàbá ló kọ́kọ́ pè mí, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ohùn rẹ̀ le díẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Tíṣà. A rí ìwé yín. Ta ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọmọ mi?"

Ìbéèrè tó yẹ ni, mi ò sì kà á sí ìjà. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Nínú ìgbà mélòó kan, ẹnì kan ti fara gbún un tàbí mú nǹkan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn yẹn kò lù ú. Ìdí tí mo fi ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyẹn, torí ó jọ pé ó máa ń bá a lójijì."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Lójijì báwo?"

Mo ka ti búlọ́ọ̀kù onígi fún un látorí bébà, bí mo ṣe kọ ọ́. Nígbà tí mo parí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ó ní ìyàwó òun á wá lọ́jọ́bọ̀. Mi ò rò pé ọgbọ́n ẹnu mi ló rọ̀ ọ́. Bébà yẹn ni, torí kò sí ibi tó ti bú ọmọ rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìyá wá lọ́jọ́bọ̀ ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo ti gbé àga méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo fi bébà mi sáàárín, kí ó má baà dà bíi pé ó jókòó níwájú adájọ́. Ó ní kì í luni nílé o, ṣùgbọ́n orí kunkun ti dé sí i. "Màá pè é nígbà mẹ́ta kó tó jẹ́ mi. Tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, á yí ohùn rẹ̀ sókè débi pé bàbá rẹ̀ á pariwo. Láti ìgbà tí ọ̀fìnkìn ńlá yẹn ti mú un ni, mo rò pé àìsàn ló bà á jẹ́, torí a kẹ́ ẹ jù nígbà yẹn."

Mo wo bébà mi. Ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, ibi ariwo. Àkókò ìtàn, níbi tó ti ń jókòó níwájú mi gan-an, tó sì ń wo ẹnu mi, kò sí wàhálà. Mo wá rántí pé tí mo bá fẹ́ kí wọ́n kó nǹkan jọ, ẹnu ilẹ̀kùn ni mo ti máa ń ké e, lẹ́yìn rẹ̀, láàárín ariwo ọmọ ogún. Mo ti ń kọ "kò gbójú sókè" láti ọjọ́ kìíní, mi ò sì bi ara mi bóyá ó gbọ́.

Mo ní, "Mà, mi ò lè sọ pé bó ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ yìí àti ohun tí mo kọ sílẹ̀ jọra. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo etí rẹ̀." Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ṣé pé mo ti ń bá a wí lórí ohun tí kò gbọ́?" Mo ní èmi náà ti ń bá a wí lórí rẹ̀. Òtítọ́ ni, kì í ṣe ìtùnú.

Dókítà rí i pé omi dúró sẹ́yìn ìlù etí rẹ̀ méjèèjì. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ kékeré lẹ́yìn ọ̀fìnkìn. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni, ìdí nìyẹn tí ọmọ kì í fi ké. Ṣe ni ọ̀rọ̀ máa ń dún bíi pé wọ́n ń sọ ọ́ látinú omi, ó lè já geere lónìí, kó sì ṣe bàìbàì lọ́la. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí àgbà rò pé ọmọ ń ṣe orí kunkun: "Ó gbọ́ lánàá, kí ló dé tí kò gbọ́ lónìí?" Dókítà ní ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń gbẹ fúnra rẹ̀, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n sì mú un padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kó tó di ìgbà náà, kí a máa dojú kọ ọ́ tí a bá ń bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Etí ṣàlàyé ìdí tí ó fi ń ta gìrì. Kò ṣàlàyé ìdí tó fi ń nawọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ta gìrì tí kì í luni. Òun ti kọ́ pé lílù ń ṣiṣẹ́, èmi àti àga mi la sì kọ́ ọ. Ìyẹn ṣì wà láti tú palẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a yí padà kò pọ̀. Mi ò ké láti ẹnu ilẹ̀kùn mọ́. Tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, mo máa ń lọ bá a níwájú, mo máa ń rẹlẹ̀ dé ojú rẹ̀, màá sì dojú aago oníyanrìn dé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pẹpẹ kan wà tí mo fi káàdì tó ní àwòrán àtẹ́lẹwọ́ sí. Ohunkóhun tí ọmọ bá gbé síbẹ̀ pẹ̀lú káàdì yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú u títí di ọ̀sán. Gbogbo kíláàsì ló ní ẹ̀tọ́ sí i, kí ó má baà dà bí àmì tí a fi sára òun nìkan. Òun ló ń tò kẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó lè gbún un láti ẹ̀yìn mọ́. A sì kọ́ ọ ní nǹkan kan tó lè fi ọwọ́ yẹn ṣe dípò lílù: kó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú, kó sọ pé, "Dúró, mi ò tíì parí." Àárọ̀ la máa ń ṣe é bí eré, nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ọmọ tí inú ń bí kò lè kọ́ nǹkan tuntun lásìkò náà.

Tó bá ṣì lu ẹnì kan, ọ̀dọ̀ ẹni tó lù ni mo kọ́kọ́ ń lọ. Lẹ́yìn náà ni màá sọ fún ọmọ wa ní ṣókí pé, "Mi ò ní jẹ́ kí o lù ú. Na ọwọ́ rẹ, kí o sọ ọ́." Á sọ ọ́, a ó sì jọ padà sórí ìlà. Kò sí àga mọ́.

Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sì kọ ọ́ sí àwọn òbí ṣáájú, ìlà mẹ́ta péré: "Ó ṣeé ṣe kó pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ yìí kó tó dín kù, nítorí ọ̀nà tó mọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, á sì kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Màá fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì." Ìgbà méje ló luni lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́rin. Ẹ̀kẹta, méjì. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀ẹ̀kan. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ara mi ò yá, tíṣà mìíràn bá mi dúró fún ọjọ́ méjì, ọmọ wa sì lu ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí mo padà, mo rí i pé mi ò sọ ọ̀rọ̀ káàdì orí pẹpẹ fún tíṣà náà. Wọ́n ti kó ohun tó gbé síbẹ̀ dà sínú àpótí. Ẹ̀bi ìyẹn, lọ́dọ̀ mi ló wà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: irú lẹ́tà yìí kò wà fún gbogbo ọ̀rọ̀. Tí ọmọ bá ṣe ẹlòmíràn léṣe débi tó ní láti rí dókítà, ìpè ni, lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lẹ́tà. Tí ọmọ bá ṣàdédé pàdánù ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn, kì í ṣe ká máa ka ọjọ́ mẹ́wàá. Tí mo bá sì rí àpá lára ọmọ, tàbí tí ó ń bẹ̀rù àtilọ sílé, mi ò ní kọ ohunkóhun sílé rárá. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni màá gbà lọ, àti ọ̀dọ̀ àwọn tí òfin fún ní iṣẹ́ ààbò ọmọdé, nítorí lẹ́tà mi lè di ohun tí wọ́n máa fi na ọmọ náà.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, mo bá bébà kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin nínú àpò ìwé ọmọ wa. Ìyá rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó ti fa òpó mẹ́ta sórí rẹ̀.

"Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ohun tó ṣáájú: àwọn ọmọ àbúrò mi wá, ilé kún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba rìmóòtù lọ́wọ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ohun tó ṣe: ó gbé ọwọ́ sókè. Ó dúró. Ó na àtẹ́lẹwọ́, ó ní mi ò tíì parí. Ohun tó tẹ̀lé e: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dá a lóhùn, ọmọ wa bá gbá a. Tíṣà, ṣé ẹ lè bá mi wá ohun tí màá kọ́ ẹ̀gbọ́n?"